Bí a ṣe ń pín súìtì fún àwọn ọmọ tí wọ́n tò sórí ìlà: ìrìn kan láti òsì, ìrìn kan láti ọ̀tún

Olùkọ́ kan to àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sórí ìlà kan ṣoṣo, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní máàkì tirẹ̀. Olùkọ́ náà fẹ́ pín súìtì fún wọn, ṣùgbọ́n òfin méjì wà tí kò gbọdọ̀ rú. Èkíní ni pé kò gbọdọ̀ sí ọmọ tí yóò lọ lọ́wọ́ òfo: ó kéré tán, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba súìtì 1. Èkejì ni pé bí máàkì ọmọ kan bá ju ti ẹni tí ó dúró tì í lọ, ìbáà ṣe ní ọwọ́ òsì tàbí ní ọwọ́ ọ̀tún, súìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ẹni náà lọ. Súìtì mélòó ni ó kéré jù tí olùkọ́ yìí lè rà, tí òfin méjèèjì yóò sì ṣẹ láìkù síbì kan?

Ìbéèrè yìí wà lórí LeetCode, níbi tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ti máa ń dánra wò. Nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀ ni 135, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí ó le. Ètò tí ó yanjú rẹ̀ kò gùn rárá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè kọ ọ́ láti orí. Ohun tí ó máa ń rú wọn lójú ni ìdí tí ìrìn méjì fi tó, ìdí tí ìrìn kan kò fi tó, àti ohun tí kò jẹ́ kí ìrìn kejì ba iṣẹ́ ìrìn kìíní jẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní nílò láti há ètò náà sórí mọ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan kan, ó yẹ kí a tún òfin kejì kà dáadáa, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ kún un. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ méjì tí wọn kò dúró ti ara wọn. Bí ọmọ tí ó gba 60 bá wà ní ìdí ìlà, tí ọmọ tí ó gba 55 sì wà ní iwájú, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó gba 55 ní súìtì jù ú lọ, òfin kankan kò sì bàjẹ́. Òfin náà kò sì bìkítà nípa bí máàkì kan ṣe fi ju èkejì lọ tó: ẹni tí ó gba 85 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó gba 84, àti ẹni tí ó gba 85 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó gba 10, súìtì 1 péré ni ó di dandan kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ju ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ti àwọn tí máàkì wọn dọ́gba tí wọ́n sì dúró ti ara wọn, òfin kò sọ pé kí súìtì wọn dọ́gba, kò sì sọ pé kí ó má dọ́gba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ wo ọmọ mẹ́ta tí máàkì wọn jẹ́ 40, 60, 60. Ìpín tí ó kéré jù fún wọn ni 1, 2, 1, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ọmọ kẹta gba 60 bí ọmọ kejì, síbẹ̀ súìtì 1 ni ó rí gbà, nítorí pé kò ju ẹnikẹ́ni tí ó dúró tì í lọ. Ọkàn ènìyàn lè fẹ́ fún un ní 2, ṣùgbọ́n nígbà náà àpapọ̀ yóò di 5, ìbéèrè tí a ń dáhùn yóò sì ti yí pa dà di òmíràn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ mẹ́sàn-án, kí a sì bá wọn dé òpin. Láti òsì lọ sí ọ̀tún, máàkì wọn ni 40, 55, 70, 85, 60, 60, 75, 65, 50.

A óò kọ́kọ́ fún gbogbo wọn ní súìtì 1 kọ̀ọ̀kan, kí òfin kìíní lè ṣẹ. Lẹ́yìn náà, a óò rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, a óò máa fi ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ẹni tí ó wà ní òsì rẹ̀ nìkan. Bí máàkì rẹ̀ bá ju ti ẹni náà lọ, iye súìtì ẹni náà tí a fi 1 kún ni a óò fún un. Bí kò bá jù ú lọ, a óò fi í sílẹ̀ pẹ̀lú 1 tí ó ní. Ọmọ kìíní kò ní ẹnikẹ́ni ní òsì rẹ̀, nítorí náà ó dúró lórí 1. Ọmọ kejì, tí ó gba 55, ju 40 lọ, ó sì gba 2. Ọmọ kẹta gba 3, ọmọ kẹrin, tí ó ní 85, gba 4. Ọmọ karùn-ún kéré sí ọmọ kẹrin, ó sì dúró lórí 1. Ọmọ kẹfà bá ọmọ karùn-ún dọ́gba, òun náà dúró lórí 1. Ọmọ keje, tí ó ní 75, ju 60 lọ, ó gba 2. Ọmọ kẹjọ àti ọmọ kẹsàn-án kéré sí ẹni tí ó wà ní òsì wọn, 1 kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn báyìí ni 1, 2, 3, 4, 1, 1, 2, 1, 1, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 16.

Bí a bá dúró síbí yìí, ìdajì òfin kejì péré ni a ti mú ṣẹ. Gbogbo ọmọ tí ó ju ẹni tí ó wà ní òsì rẹ̀ lọ ti ní súìtì jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ kẹjọ: 65 ni máàkì rẹ̀, 50 ni ti ọmọ kẹsàn-án tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀, síbẹ̀ 1 ni àwọn méjèèjì ní. A kò lè dá ìrìn kìíní lẹ́bi fún èyí. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kẹjọ, kò tíì rí ọmọ kẹsàn-án. Bí máàkì bá ń lọ sílẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, iye tí ẹni tí ó wà ní òkè gbọ́dọ̀ gbà dúró lórí bí ìsọ̀kalẹ̀ náà ṣe gùn tó, ẹni tí ó sì ń rìn láti òsì kò lè mọ bí ó ṣe gùn tó títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi nílò ìrìn tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ náà gan-an.

Ìrìn kejì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. A óò máa fi ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ẹni tí ó wà ní ọ̀tún rẹ̀ nìkan. Bí máàkì rẹ̀ bá ju ti ẹni náà lọ, a óò wo iye méjì: iye tí ó ti ní láti inú ìrìn kìíní, àti iye súìtì ẹni ọ̀tún náà tí a fi 1 kún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú méjèèjì ni yóò mú. Ọmọ kẹsàn-án kò ní ẹnikẹ́ni ní ọ̀tún rẹ̀, ó dúró lórí 1. Ọmọ kẹjọ ju ọmọ kẹsàn-án lọ. 1 ni ó ní tẹ́lẹ̀, 2 ni ìrìn yìí bèèrè, ó di 2. Ọmọ keje ju ọmọ kẹjọ lọ. 2 ni ó ní, 3 ni ìrìn yìí bèèrè, ó di 3. Ọmọ kẹfà kò ju ọmọ keje lọ, a kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ karùn-ún kò ju ọmọ kẹfà lọ, a kò fọwọ́ kan òun náà. Ọmọ kẹrin, tí ó ní 85, ju ọmọ karùn-ún lọ. 4 ni ó ní, 2 péré ni ìrìn yìí bèèrè, nítorí náà 4 rẹ̀ kò yẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ó kù kò ju ẹni ọ̀tún wọn lọ. Ìpín náà wá jẹ́ 1, 2, 3, 4, 1, 1, 3, 2, 1. Ẹ rò ó pọ̀, yóò jẹ́ 18.

Ọmọ kẹrin àti ọmọ keje ni kí ẹ tẹjú mọ́ nínú àpẹẹrẹ yìí, nítorí pé àwọn méjèèjì ga ju ẹni òsì àti ẹni ọ̀tún wọn lọ. Ìrìn kìíní ni ó pinnu iye ti ọmọ kẹrin, nítorí pé ìgòkè tí ó wà ní òsì rẹ̀ gùn ju ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ìrìn kejì ni ó pinnu ti ọmọ keje, nítorí pé ìsọ̀kalẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni ó gùn jù. Ní orí ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ nìkan ni ìrìn méjèèjì ti lè bèèrè ohun tí ó ju 1 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni mímú èyí tí ó pọ̀ jù ti wúlò.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n mìíràn tí ó lè fi 17 ṣe é? Ẹ pa dà sọ́dọ̀ ọmọ kẹrin. Ọmọ kìíní gbọ́dọ̀ ní 1 ó kéré tán. Ọmọ kejì jù ú lọ, kò lè ní ohun tí ó dín sí 2. Ọmọ kẹta kò lè ní ohun tí ó dín sí 3, ọmọ kẹrin kò sì lè ní ohun tí ó dín sí 4. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀nà tí a gbà pín in. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pín súìtì náà lábẹ́ òfin méjèèjì, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, kò lè yẹra fún un. Iye tí ìrìn kìíní fún ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ irú iye bẹ́ẹ̀, tí kò ṣeé dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye tí ọmọ kan ìbá gbà bí a bá rìn láti ọ̀tún nìkan. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kan kò lè gba ohun tí ó dín sí èkíní, tí kò sì lè gba ohun tí ó dín sí èkejì, kò lè gba ohun tí ó dín sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú méjèèjì, ìyẹn gan-an ni a sì fún un. Kì í ṣe àpapọ̀ nìkan ni ó kéré jù bí ó ti lè kéré tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló gba èyí tí ó kéré jù tí òfin lè gbà fún un.

Ó ku ìbéèrè tí mo sọ lókè pé ó ṣe pàtàkì jù. Ìrìn kejì ń fi súìtì kún ti àwọn ọmọ kan. Ṣé kò lè ṣẹlẹ̀ pé yóò fi kún ti ọmọ kan títí tí ọmọ náà yóò fi bá ẹni ọ̀tún rẹ̀ tí ó jù ú lọ dọ́gba, tí iṣẹ́ ìrìn kìíní yóò sì bàjẹ́? Kò lè ṣẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ẹ mú ọmọ méjì tí wọ́n dúró ti ara wọn, kí ẹni ọ̀tún jẹ́ ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù. Ìrìn kìíní ti fún ẹni ọ̀tún ní 1 ju ẹni òsì lọ. Nígbà tí ìrìn kejì bá dé ọ̀dọ̀ ẹni òsì, yóò bi í pé: ṣé o ju ẹni ọ̀tún rẹ lọ? Ìdáhùn ni pé kò jù ú lọ, nítorí náà ìrìn kejì kò ní fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni ọ̀tún nìkan ni nǹkan lè kún fún, bí iye ẹni ọ̀tún bá sì kún, ńṣe ni àlàfo tí ó wà láàárín wọn yóò tún fẹ̀ sí i. Gbogbo ọmọ tí ìrìn kejì fọwọ́ kàn ni ó jẹ́ ẹni tí ó ju ẹni ọ̀tún rẹ̀ lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ìrìn kìíní fi iye rẹ̀ ti ẹni ọ̀tún rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìdí yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ka ọ̀nà yìí mọ́ àwọn ọ̀nà oníwọra tí wọ́n ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó kéré jù tí òfin bèèrè lójú ẹsẹ̀ ni a ń fún ọmọ, a kì í sì í pa dà wá gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní èdè Python, bí yóò ṣe rí nìyí:

```python
def pin_suiti(maaki):
    n = len(maaki)
    suiti = [1] * n
    for i in range(1, n):
        if maaki[i] > maaki[i-1]:
            suiti[i] = suiti[i-1] + 1
    for i in range(n-2, -1, -1):
        if maaki[i] > maaki[i+1]:
            suiti[i] = max(suiti[i], suiti[i+1] + 1)
    return sum(suiti)
```

Kọ̀ǹpútà a máa bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 0, nítorí náà ọmọ kìíní wa ni `maaki[0]`. Ìrìn kìíní bẹ̀rẹ̀ láti `1` nítorí pé ọmọ tí ó wà ní `0` kò ní ẹni òsì. Ìrìn kejì bẹ̀rẹ̀ láti `n-2` nítorí pé ọmọ tí ó wà ní `n-1` kò ní ẹni ọ̀tún.

Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìlà díẹ̀ yìí. Èkíní ni kí ènìyàn yọ `max` kúrò, kí ó kàn kọ `suiti[i] = suiti[i+1] + 1`. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọmọ kẹrin yóò já bọ́ láti 4 sí 2, ọmọ kẹta tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 70 yóò sì ní 3, èyí tí ó pọ̀ ju ti ẹni tí ó gba 85 lọ. Àpapọ̀ yóò jẹ́ 16 dípò 18. Àpapọ̀ tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ jẹ́ àmì tí ó dájú pé òfin kan ti bàjẹ́ níbì kan.

Èkejì fara sin díẹ̀. Ẹlòmíràn a máa fi ọmọ wé ẹni ọ̀tún bí ó ti yẹ, a sì máa lo `max`, ṣùgbọ́n yóò tún máa rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ keje. Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ kẹjọ ṣì wà lórí 1, nítorí náà 2 ni a bèèrè, ọmọ keje sì ti ní 2; a kọjá lọ. Lẹ́yìn èyí ni a tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kẹjọ, tí a rí i pé ó ju ọmọ kẹsàn-án lọ, tí a sọ ọ́ di 2. Ọmọ keje àti ọmọ kẹjọ wá dọ́gba lórí 2, bẹ́ẹ̀ 75 ni ti ẹnìkan, 65 ni ti ẹnìkejì. A ti lo iye ọmọ kẹjọ kí ó tó pé. Bí a bá ń bọ̀ láti ọ̀tún, iye ẹni tí a ń wò kì í yí pa dà mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe yìí lè sọ pé òun yóò kàn máa tún ìrìn náà rìn títí tí kò fi ní sí ohun tí ó yí pa dà mọ́. Yóò rí ìdáhùn tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí yóò ná an. Ká ní ọmọ 1,000 ni ó wà lórí ìlà, tí máàkì wọn ń lọ sílẹ̀ láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Ìrìn àkọ́kọ́ yóò sọ gbogbo wọn di 2, àfi ẹni ìkẹyìn. Èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò sọ wọn di 3, àfi ẹni méjì ìkẹyìn tí wọn yóò dúró lórí 2 àti 1. Báyìí ni ìrìn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa fi ẹyọ kan ṣoṣo kún un, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé 1,000. Nǹkan bí ìfiwéra 1,000,000 ni yóò gbà. Ìrìn méjì tí ó tọ́ kò lò tó 2,000.

Àṣìṣe kẹta ni kí ènìyàn kọ `>=` dípò `>`. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń fi dandan lé ọmọ tí ó bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba pé kí ó gbà jù ú lọ, ohun tí òfin kò sọ. Fún 40, 60, 60, ìrìn kìíní yóò fúnni ní 1, 2, 3, ìrìn kejì yóò sì gbé ọmọ kejì lọ sí 4, àpapọ̀ yóò wá di 8 dípò 4. Àpapọ̀ tí ó pọ̀ jù báyìí, nígbà tí máàkì tí ó dọ́gba wà lórí ìlà, kì í sábà ní ìdí mìíràn.

Ibì kan wà tí ọ̀nà yìí kò ti ní ṣiṣẹ́ bí a ṣe kọ ọ́, ìyẹn ni bí àwọn ọmọ náà bá jókòó yí ká, tí ẹni ìkẹyìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Kò sí òsì pátápátá tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré jù lọ nínú agbo náà kò lè ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí náà súìtì 1 ni yóò gbà láìsí àníàní. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a óò ti gé agbo náà: a óò kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, a óò tún kọ ọ́ sí òpin rẹ̀, a óò rin ìrìn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe, a óò sì yọ 1 kúrò nínú àpapọ̀ nítorí pé a kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ó bá ti kọ ètò tirẹ̀ lè fi àwọn ìlà kéékèèké yìí dán an wò: 1, 0, 2 gbọ́dọ̀ fúnni ní 5; 40, 60, 60 gbọ́dọ̀ fúnni ní 4; 5, 4, 3, 2, 1 gbọ́dọ̀ fúnni ní 15; ọmọ mẹ́sàn-án tí a bá rìn lókè gbọ́dọ̀ fúnni ní 18. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ń lọ sílẹ̀ láti 5 dé 1 ni kò bọ́ sí i, kí ó kọ́kọ́ wo apá ibi tí ìrìn kejì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.